Owó Ti Lọ, Ọjà Kò Dé: Bí A Ṣe Ń Gba Owó Orí Káàdì Padà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ẹni tó bá ń ra ọjà lórí fóònù ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà Àkókó mọ̀ pé ọjà náà kì í sábà wá kanlẹ̀kùn. Gáréèjì ló ń já sí. Ẹni tó tà á ní Èkó á dì í sínú páálí, á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà sára rẹ̀, á gbé e fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lápá Àkókó, á sì fi nọ́ńbà awakọ̀ ránṣẹ́. Wébíìlì la ń pè é. Ọkọ̀ á gba Ọ̀wọ̀, á gba Ọ̀bà Àkókó, á kọjá ní Àkùngbá kó tó wọ Ìkàrẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrù ń dé láyọ̀. Ìgbà tí kò bá dé ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí, nítorí ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń fi owó ńlá sílẹ̀ fún Ọlọ́run, nígbà tí ọ̀nà láti gbà á padà ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Bí èèyàn bá fi káàdì bánkì sanwó ọjà, owó náà kò lọ bẹ́ẹ̀ lásán láti ọwọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ òǹtajà. Ó gba abẹ́ òfin iléeṣẹ́ tó ni àmì ara káàdì náà kọjá, ìyẹn Visa, Mastercard tàbí Verve. Bánkì tiyín wà lábẹ́ òfin yìí, bánkì tó ń bá òǹtajà gba owó káàdì náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí òfin náà sọ ni pé bí ọjà tí wọ́n sanwó rẹ̀ kò bá dé, bánkì ẹni tó rà á lè fa owó náà padà láti ọ̀dọ̀ bánkì òǹtajà. Lórí fọ́ọ̀mù bánkì, Chargeback ni ẹ ó rí tí wọ́n kọ. Bánkì kò ṣe yín lóore bí wọ́n bá bá yín ṣe é. Iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì ti gbà láti máa ṣe é láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi àmì yẹn sára káàdì yín.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ yìí kò bá gbogbo owó rìn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ibi ìsanwó lórí ojú òpó òǹtajà, wọ́n á sábà fi ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta hàn yín. Ọ̀kan á sọ pé kí ẹ fi káàdì san, èkejì á fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì pé kí ẹ fi tíransífà ránṣẹ́. Ẹni tó bá yan tíransífà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé owó lé òǹtajà lọ́wọ́, òfin káàdì kò sì mọ̀ ọ́n rí. Bánkì lè bẹ bánkì kejì, wọ́n lè ní kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fa owó náà padà bí a ti ń fa ti káàdì. Ìdí nìyí tí òǹtajà tí kò ṣe é gbọ́kàn lé fi máa ń sọ pé káàdì òun kò ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ ṣáà ṣe tíransífà, òun á sì yọ ẹgbẹ̀rún méjì kúrò fún yín. Ẹgbẹ̀rún méjì yẹn ni iye tó fi ra ẹ̀tọ́ yín.

Ti àwọn tó ń ti ọ̀dọ̀ oní-POS sanwó tún burú sí i, wọ́n sì pọ̀ nílùú wa. Ìyá kan á kó owó lọ bá ọmọ tó jókòó sábẹ́ agbòjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á ní kó bá òun san owó ọjà sí Èkó. Ọmọ náà á fi àkáǹtì tirẹ̀ ránṣẹ́. Nínú ìwé bánkì, ọmọ yẹn ló sanwó, ìyá yìí kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ìyá bá tilẹ̀ fi káàdì ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ọmọ náà, ohun tí bánkì máa rí ni pé ó gba owó lọ́wọ́ oní-POS, ó sì gbà á pé. Ẹni tó gba owó káàdì kọ́ ló ta ọjà, torí náà a kò lè sọ fún un pé ọjà kò dé. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin káàdì gbè é gbọ́dọ̀ fi káàdì tó ní orúkọ òun fúnra rẹ̀ san owó náà tààrà fún òǹtajà, lórí ojú òpó òǹtajà tàbí lórí ẹ̀rọ òǹtajà.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ní Ìwárò-Ọ̀kà ṣe àpẹẹrẹ, ká lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ó rí maṣíìnì ìránṣọ oníná lórí ojú òpó ṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó, ₦240,000. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ọjọ́ Ajé, ó fi káàdì rẹ̀ san án. Ojú òpó náà kọ ọ́ pé ọjà á dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje. Lọ́jọ́ kejì, òǹtajà ní kó fi ₦15,000 owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan, ó sì fi tíransífà san án. Ẹ fi ọkàn sí ₦15,000 yìí.

Ọjọ́ iṣẹ́ méje parí ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta. Maṣíìnì kò dé. Òǹtajà ní òun ti gbé e sọ́kọ̀, ó fi fọ́tò páálí kan ránṣẹ́ lórí Wọ́tsáàpù, ó fi ìwé wébíìlì kan kún un, ó sì fi nọ́ńbà awakọ̀ ránṣẹ́. Awakọ̀ kò gbé ìpè. Aránṣọ wọ ọkọ̀ lọ sí gáréèjì Ìkàrẹ́, wọ́n ní àwọn kò rí ẹrù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣe níbí ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe òǹtajà láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á bú u, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́. Ìpè kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ ju àkókò tí wọ́n fi pè lọ. Kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tí wọ́n sọ. Àkọsílẹ̀ ni bánkì ń kà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òǹtajà, lórí Wọ́tsáàpù àti lórí ímeèlì bó bá ní in, kí ọ̀rọ̀ náà sì kúrú, kó ṣe kedere. Bí àpẹẹrẹ: “Mo ra maṣíìnì ìránṣọ kan lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, mo fi káàdì san ₦240,000. Ẹ ṣèlérí pé kò ní kọjá ọjọ́ kejìlá kó tó dé. Kò tíì dé. Mo dé gáréèjì Ìkàrẹ́, kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọjà náà jíṣẹ́ tàbí kí ẹ dá owó mi padà kó tó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí.” Òfin káàdì fẹ́ kí ẹni tó rajà ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti bá òǹtajà yanjú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà yìí ni yóò fi hàn pé ó gbìyànjú. Bí òǹtajà bá fèsì, èsì rẹ̀ di ẹ̀rí. Bí kò bá fèsì, ìdákẹ́ rẹ̀ náà di ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni n óò dúró lé díẹ̀, torí òun ni ẹjọ́ gan-an. Kò sí adájọ́ tó máa wo ojú yín. Ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀, ní ọ́fíìsì kan tí ẹ kò lè dé, ló máa ka ìwé tí ẹ kó jọ, á ka èyí tí òǹtajà kó jọ, á sì yàn.

Ẹ̀rí kìíní ni pé ẹ sanwó. Áláàtì orí fóònù dára, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì láti bánkì ló lágbára, nítorí ó ń gbé orúkọ ẹni tó gba owó jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín bí orúkọ ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ẹ rí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ tó ń bá ṣọ́ọ̀bù náà gba owó káàdì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi Paystack tàbí Flutterwave. Ẹ wá nọ́ńbà oníkà méjìlá tí wọ́n ń pè ní RRN lórí rìsíìtì tàbí kí ẹ béèrè rẹ̀ ní bánkì. Nọ́ńbà yẹn ló ń tọ́ka sí owó yín láàárín àìmọye owó mìíràn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì náà wúlò. Nọ́ńbà káàdì lódindi, nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀, PIN àti OTP kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá sì béèrè wọn lórí fóònù pé òun fẹ́ bá yín gba owó padà, olè ni. Irú wọn ń wá lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ké gbàjarè lórí ìkànnì bánkì, nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹjọ́ yín síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Ẹ̀rí kejì ni ohun tí òǹtajà ṣèlérí: kí lẹ rà, mélòó, ìgbà wo ló ní á dé, ibo ló ní á dé sí. Ojú òpó lè pòórá lóru ọjọ́ kan, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá rajà ni kí ẹ ti ya fọ́tò ojú fóònù yín, kí orúkọ ojú òpó àti déètì hàn nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí Wọ́tsáàpù lẹ ti dúnàádúrà, ẹ má gé ìtàkùrọ̀sọ yín sí wẹ́wẹ́. Ìdí ni pé òǹtajà lè gbé apá tirẹ̀ jáde kó sì sọ pé ẹ gé ọ̀rọ̀. Inú Wọ́tsáàpù ni ibi tí ẹ ti lè gbé gbogbo ìtàkùrọ̀sọ jáde wà, Export chat ni wọ́n kọ síbẹ̀. Déètì àti wákàtí á wà níwájú gbogbo ìlà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín kí fóònù má baà bà jẹ́ mọ́ ẹ̀rí lára.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù, pàápàá nílùú tiwa. Báwo ni èèyàn ṣe ń fi hàn pé ohun kan kò dé? Ní ìlú ńlá, iléeṣẹ́ akẹ́rù á ní ojú ìwé ibi tí wọ́n ti ń tọpa ẹrù, á sì sọ pé ẹrù ṣì wà ní Èkó tàbí pé wọn ò tilẹ̀ gbà á. Bó bá jẹ́ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà lójoojúmọ́ fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹrù tí awakọ̀ gbé kò ní ojú ìwé. Òǹtajà á mú ìwé wébíìlì jáde, á sọ pé òun ti ṣe tòun.

Aránṣọ wa ní láti wo ìwé wébíìlì náà dáadáa. Ṣé nọ́ńbà ọkọ̀ wà lórí rẹ̀? Ṣé déètì wà? Ṣé orúkọ gáréèjì tí wọ́n ti gbé e wà, ṣé òǹtẹ̀ wà? Bó bá jẹ́ pé orúkọ obìnrin yìí àti “Ìkàrẹ́” nìkan ni wọ́n kọ, ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kọ nínú yàrá rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, kó padà lọ sí gáréèjì, kó bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀ pé kó bá òun kọ ìlà mẹ́ta sórí ìwé: pé obìnrin yìí wá ní ọjọ́ báyìí, pé ó béèrè ẹrù tó ń ti Èkó bọ̀ lórúkọ ara rẹ̀, pé wọn kò rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbà. Kó buwọ́ lù ú, kó kọ déètì sí i, kó lu òǹtẹ̀ bí òǹtẹ̀ bá wà. Kó tún ya fọ́tò àwọn ìpè tó pe awakọ̀ náà láti inú fóònù rẹ̀, kí ọjọ́ àti àkókò hàn. Èyí fi hàn pé ó wá ẹrù náà. Ẹni tó ti gba ẹrù kì í wá a.

Kó tó ṣe gbogbo èyí, kó béèrè nílé. Kó bi ọmọ iṣẹ́, kó bi ọkọ, kó bi aládùúgbò tó máa ń lọ sí gáréèjì. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti gba páálí náà tó sì gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, òǹtajà á mú ìbuwọ́lùwé rẹ̀ jáde, ẹjọ́ náà á sì parí síbẹ̀. Ìwé tó fi hàn pé ẹnì kan nínú ilé yín, tàbí ẹni tí ẹ rán, gba ẹrù náà ló máa ń dá òǹtajà láre jù.

Ó ku bánkì. Bánkì tó fún yín ní káàdì ni kí ẹ lọ, kì í ṣe bánkì òǹtajà. Ẹ lè lọ sí ẹ̀ka tó wà ní Ìkàrẹ́, ẹ sì lè kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Bí mo bá wà nípò yín, méjèèjì ni n óò ṣe, torí ímeèlì ní déètì, akọ̀wé orí káńtà sì lè gbàgbé.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ti ń kú jù lọ. Ẹjọ́ káàdì tí àwọn òṣìṣẹ́ bánkì ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni ti owó tó kúrò ní àkáǹtì ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kò sanwó jáde, tàbí tí ìsanwó já. Bánkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ti fi àkókò lé irú ìyẹn láti oṣù Kẹfà 2020: bó bá jẹ́ ti POS tàbí ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72 ni. Nítorí náà bí aránṣọ bá dé orí káńtà tó ní “Mo fi káàdì sanwó, n ò rí nǹkan kan”, òṣìṣẹ́ náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìsanwó já. Wọ́n á wò ó nínú ẹ̀rọ, wọ́n á rí i pé owó náà dé ọwọ́ òǹtajà láìsí wàhálà, wọ́n á sì kọ ìwé ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kẹta pé ìsanwó rẹ̀ yọrí sí rere, ẹjọ́ ti parí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni wọ́n dá. Obìnrin náà á fi ìbànújẹ́ lọ sílé, á gbà pé bánkì ti sọ pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́.

Ohun tó yẹ kó sọ, kó sì kọ, ni pé: “Owó náà wọlé fún òǹtajà. N kò sọ pé ìsanwó já. Ọjà tí mo fi owó náà rà ni kò dé, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi fa owó náà padà.” Kó béèrè fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ Chargeback, kó sì rí i dájú pé ibi tí wọ́n ti kọ “Goods or services not received” ni wọ́n fàmì sí. Lọ́dọ̀ Visa, ẹjọ́ yìí ní nọ́ńbà tirẹ̀, 13.1. Lọ́dọ̀ Mastercard, abẹ́ 4853 ló wà. Ẹ kò ní láti mọ nọ́ńbà kankan kí wọ́n tó dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹni tó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà pàdé.

Kó má kúrò níbẹ̀ láìgba nọ́ńbà ẹjọ́. Òfin CBN ní kí bánkì fi nọ́ńbà yẹn fún ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá láàárín wákàtí 24. Láìsí i, kò sí ẹjọ́. Orí káńtà ni ẹ ti sọ̀rọ̀, ẹ sì ti lọ.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ náà á kúrò lójú yín fún ìgbà díẹ̀. Bánkì yín á gbé e lọ bá bánkì òǹtajà nípasẹ̀ iléeṣẹ́ káàdì. Bánkì òǹtajà, tàbí iléeṣẹ́ tó ń bá a gba owó, á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Bó bá gbà, owó á padà. Bó bá dákẹ́ títí àkókò tí wọ́n fún un fi kọjá, ó ti jẹ̀bi, owó á padà. Àwọn òǹtajà tó sá lọ kì í fèsì, nítorí náà àwọn ẹjọ́ tó jọ pé wọ́n burú jù yìí ló máa ń rọrùn jù láti jàre. Bí òǹtajà bá kọ̀, ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé ọjà dé ibi tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, tàbí pé ẹni tó rà á ti gbà á.

Ká ní òǹtajà mú ìwé wébíìlì wá. Bánkì lè fi ránṣẹ́ sí aránṣọ pé òǹtajà ti fi ọjà jíṣẹ́. Kó má gbà bẹ́ẹ̀. Kó béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rí náà han òun, kó sì kọ èsì padà ní kíá: wébíìlì fi hàn pé wọ́n gbé ẹrù kan sọ́kọ̀ ní Èkó, kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni gbà á ní Ìkàrẹ́, ìwé akọ̀wé gáréèjì rèé, àwọn ìpè tí awakọ̀ kò gbé rèé. Gbígbé ẹrù sọ́kọ̀ àti fífi ẹrù jíṣẹ́ kì í ṣe ohun kan náà lábẹ́ òfin káàdì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ lórí Wọ́tsáàpù pé “Ẹ ṣáà gbé e sí ọkọ̀ èyíkéyìí, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà kò kàn yín”, ó ti gbé ewu náà sórí ara rẹ̀, òǹtajà á sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú un. Ẹ má ṣe kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀, bó ti wù kí ẹ ń kánjú tó.

Àwọn bánkì mìíràn á dá owó padà sí àkáǹtì kí ẹjọ́ tó parí. Ẹ má tíì ná an. Bí òǹtajà bá jàre lẹ́yìn náà, wọ́n á mú un padà.

Ẹjọ́ yìí ní àkókò tí a gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tú u. Visa àti Mastercard ń ka ọjọ́ 120 fún irú ẹjọ́ yìí, wọ́n sì lè kà á láti ọjọ́ tí ó yẹ kí ọjà dé, kì í ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n sanwó. Ti aránṣọ wa, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ni ìkà bẹ̀rẹ̀, á sì parí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje. Bí òǹtajà kò bá sọ ọjọ́ kankan, wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ ní sùúrù díẹ̀, ọjọ́ 15 lọ́dọ̀ Visa, ọjọ́ 30 lọ́dọ̀ Mastercard, kí ẹjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náírà tí kò jáde ní Nàìjíríà lè bọ́ sábẹ́ ètò abẹ́lé tí àkókò rẹ̀ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, Verve sì ní òfin tirẹ̀. Ọjọ́ 120 kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi gbọ́kàn lé, ẹnu ààlà ni. Òǹtajà tó mọ òfin yìí á máa rọ̀ yín lọ́sẹ̀ kan, lọ́sẹ̀ kan: ọkọ̀ bàjẹ́ ní Ọ̀rẹ̀, ìyá òun ń ṣàìsàn, ẹrù wà ní Àkúrẹ́. Bí ọjọ́ tí ẹ fún un nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ bá ti kọjá, ẹ gba bánkì lọ. Bó bá wá fi ọjà jíṣẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ lè dá ẹjọ́ náà dúró.

Àwọn ọmọ Àkókó tó wà lókè òkun wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi káàdì rẹ̀ ra fíríìjì fún ìyá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Bí fíríìjì kò bá dé, ọmọ náà ló ni ẹjọ́, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lára káàdì, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ni ẹ̀rí wà. Ìyá ni kó kọ lẹ́tà pé òun kò rí nǹkan gbà, kó sì fi ránṣẹ́. Ní Bìrìtéènì, bó bá jẹ́ káàdì ẹ̀yáwó ni ọmọ náà lò, tí iye ọjà sì ju £100 lọ, tí kò ju £30,000 lọ, òfin ìjọba wọn tọdún 1974 lórí ẹ̀yáwó oníbàárà sọ pé bánkì jẹ gbèsè náà pẹ̀lú òǹtajà. Ìyẹn lágbára ju òfin káàdì lọ. Káàdì tó ń fa owó láti inú àkáǹtì kò sí nínú òfin yẹn; òfin Visa àti Mastercard nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún un, bíi tiwa.

Bí bánkì yín bá jókòó lé ẹjọ́ náà, tí ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá tí ẹ kò rí èsì gidi, CBN ní ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà. Ímeèlì wọn ni cpd@cbn.gov.ng. Wọn kì í gba ẹjọ́ tí ẹ kò tíì gbé dé bánkì, nítorí náà nọ́ńbà ẹjọ́ tí bánkì fún yín ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ sínú lẹ́tà. Ẹ kọ orúkọ yín, bánkì yín, iye owó, ọjọ́ tí ẹ sanwó, ọjọ́ tí ẹ mú ẹjọ́ wá sí bánkì, àti ohun tí wọ́n fèsì. Ẹ so àwọn ìwé tí ẹ ti kó jọ mọ́ ọn. Ẹ má kọ ìtàn gígùn. Ẹni tó ń kà á ní ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ níwájú.

Ní ti ₦15,000 owó ọkọ̀ tí aránṣọ fi tíransífà san, káàdì kọ́ ló gbé e lọ, Chargeback kò sì lè gbé e bọ̀. Ó lè jàre ₦240,000 pátápátá, kí ₦15,000 yìí ṣì wà níta. Kó kọ ọ́ lọ́tọ̀ nínú lẹ́tà sí bánkì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn jìbìtì, kó sì ṣe é ní kíá. Ìgbà tí owó tíransífà ṣì wà nínú àkáǹtì ẹni tó gbà á nìkan ni bánkì kejì lè dì í mú, bí ó bá sì ti fà á jáde, kò sí ohun tí wọ́n lè dì mọ́. Ibòmíràn tó tún lè gbé ọ̀rọ̀ òǹtajà náà fúnra rẹ̀ lọ ni FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà lábẹ́ òfin ọdún 2018. Wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òǹtajà, ì báà jẹ́ káàdì, ì báà jẹ́ tíransífà ni wọ́n fi sanwó. Ìwé tí aránṣọ kó jọ fún bánkì, láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ títí dé ìwé akọ̀wé gáréèjì, ni kó fi ránṣẹ́ sí wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe wà.